Fífi Fáìlì Ohùn Ránṣẹ́ àti Fífi Ìdí Rẹ̀ Múlẹ̀ pẹ̀lú rclone: Ìgbà Wo ni ó Tọ́ kí a Nu Káàdì?

1. Ìfáárà

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, iṣẹ́ ìwádìí orí pápá ni ó sábà máa ń bí àwọn fáìlì tí ó tóbi jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a lọ gba ìjálá lẹ́nu ọdẹ, olùkọ́ a lọ gba oríkì lẹ́nu ìyá àgbà, ohùn náà a sì wọ inú káàdì pẹlẹbẹ kan tí ó wà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Káàdì náà kì í pẹ́ kún. Bí ó bá ti kún, a ó da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí díìsìkì kọ̀ǹpútà, a ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó sì fẹ́ nu káàdì náà kí a lè mú un padà lọ sí oko ìwádìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn: ìgbà wo gan-an ni ó tọ́ kí a nu káàdì náà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ọdẹ tí ó sun ìjálá náà bá ti pa ipò dà, kò sí ẹnu mìíràn tí a ti lè rí ohùn rẹ̀ gbà. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ìbéèrè náà ni pé a lè nu káàdì bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ pé iṣẹ́ parí. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Fífi fáìlì ránṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ kan. Fífi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ó dé ọ̀hún kò yàtọ̀ sí ohun tí ó kúrò níhìn-ín jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní rclone ní àṣẹ kan fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó sì ní òmíràn fún iṣẹ́ kejì. A ó ṣàlàyé méjèèjì, a ó sì fi àpẹẹrẹ kan ṣe atọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

2. Ohun tí rclone jẹ́ àti bí a ṣe ń so ó mọ́ ibi ìpamọ́

rclone jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Nick Craig-Wood bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 2012. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí macOS àti lórí Linux. Kò dà bí àwọn ètò tí a ń fi atọ́ka tẹ àwòrán inú wọn; àṣẹ ni a máa ń tẹ̀ sí ojú fèrèsé dúdú tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní tààrà. Oríṣiríṣi ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó lè bá dá nǹkan pọ̀. Google Drive ni a ó lò nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ní i pẹ̀lú àpótí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Ààyè gígábáìtì 15 ni wọ́n ń fún ẹni tí kò sanwó, ààyè yìí kan náà sì ni àwọn lẹ́tà àti fọ́tò olúwarẹ̀ wà.

Ibi ìpamọ́ tí a bá so mọ́ rclone ni à ń pè ní rímóòtù. Láti so ó, a ó tẹ àṣẹ `rclone config`, a ó tẹ `n` fún rímóòtù tuntun, a ó fún un ní orúkọ, a ó sì yan `drive`. Lẹ́yìn ìbéèrè díẹ̀, ojú ewé kan yóò ṣí níbi tí a ó ti wọlé sínú àpótí wa, tí a ó sì gbà kí rclone máa lò ó. Nínú àpẹẹrẹ wa, `eka` ni orúkọ tí a fún rímóòtù náà. Ẹni tí ó bá ń lo Windows kò gbọdọ̀ sọ rímóòtù rẹ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo bí `d`, nítorí pé díìsìkì ni kọ̀ǹpútà yóò ka `d:` sí.

Kí a tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè iye ààyè tí ó ṣẹ́ kù:

```
rclone about eka:
```

Ó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí àmì `:` tí ó tẹ̀lé orúkọ rímóòtù. Àmì kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ fún rclone pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni à ń lọ. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, tí a kọ `eka/Akojo` dípò `eka:Akojo`, rclone kò ní ṣàròyé rárá. Yóò dá fódà kan tí ń jẹ́ `eka` sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wa níbẹ̀, yóò sì da gbogbo fáìlì sínú rẹ̀. Àwa yóò rò pé ohùn ti wà lókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kúrò nínú ilé. Ohun tí ó máa ń tú àṣírí àṣìṣe yìí ni ìyára: iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gba odidi òru yóò parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

3. Fífi fáìlì ránṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹ̀ka kan ní ìjálá tí àpapọ̀ gígùn rẹ̀ jẹ́ wákàtí 20. A pín in sí fáìlì 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A gbà á sílẹ̀ ní oríṣi WAV, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe sídíì orin. Ní ìwọ̀n yìí, ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba báìtì 176,400. Fáìlì kan yóò wá jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 317, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ yóò sì jẹ́ gígábáìtì 12.7. Ó lè gba inú ààyè gígábáìtì 15, bí lẹ́tà àti fọ́tò kò bá tíì gba ibẹ̀ tán. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì wa bá ń gbé mẹ́gábíìtì 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe báìtì 250,000, iṣẹ́ náà yóò gba nǹkan bíi wákàtí 14. Láàárín wákàtí 14, iná lè lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì sì lè já. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ojú lásán gba iṣẹ́ náà gbọ́.

Fódà `D:/Akojo` ni àwọn fáìlì náà wà. Àṣẹ tí ó kọ́kọ́ yẹ kí a tẹ̀ ni èyí:

```
rclone copy D:/Akojo eka:Akojo --dry-run
```

`--dry-run` ń sọ fún rclone pé kí ó ka ohun tí ó fẹ́ ṣe fún wa ṣùgbọ́n kí ó má ṣe é. A ó wo bóyá fáìlì 40 ni ó dárúkọ. A ó sì rántí pé ohun tí ó wà nínú fódà ni `copy` máa ń gbé, kì í gbé fódà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ `Akojo` sí ọ̀dọ̀ rímóòtù pẹ̀lú. Bí a kò bá kọ ọ́, ojúde Google Drive ni gbogbo fáìlì yóò fọ́n ká sí.

Bí ohun tí a rí bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó tẹ àṣẹ gan-an:

```
rclone copy D:/Akojo eka:Akojo --immutable -P
```

`-P` ni ó ń jẹ́ kí a rí bí iṣẹ́ ti ń lọ sí. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já díẹ̀, rclone fúnra rẹ̀ yóò tún gbìyànjú. Bí iná bá lọ pátápátá, àṣẹ yìí kan náà ni a ó tún tẹ̀ nígbà tí iná bá dé: yóò fo àwọn fáìlì tí ó ti dé ọ̀hún, yóò sì máa bá èyí tí ó kù lọ. Fáìlì tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí iná lọ ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí. Èrè tí ó wà nínú gígé ohùn sí ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Ẹni tí ó fi fáìlì ńlá kan ṣoṣo ránṣẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ odidi òru.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé `--immutable`. Àṣẹ `copy` kì í pa fáìlì kankan rẹ́ lórí rímóòtù, ṣùgbọ́n ó máa ń fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ bí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà tí wọ́n sì yàtọ̀ síra. Fún lẹ́tà tí à ń tún kọ lójoojúmọ́, èyí dára. Fún ohùn tí a gbà lẹ́nu àgbà, kò dára rárá, nítorí pé fáìlì náà kò yẹ kí ó yí padà láéláé. `--immutable` ń sọ pé ohun tí ó bá ti wà lórí rímóòtù kò ní yí padà. Bí rclone bá rí i pé ti ilé ti yàtọ̀ sí ti ọ̀hún, yóò kígbe, kò sì ní fọwọ́ kàn án.

Àṣẹ kan wà tí ó jọ `copy` tí ó sì léwu fún irú iṣẹ́ yìí. Òun ni `sync`. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ rímóòtù di bákan náà pẹ̀lú ti ilé, títí kan pípa ohun tí kò sí nílé rẹ́. Bí ẹnìkan bá nu `D:/Akojo` kí ààyè lè wà lórí díìsìkì, tí ẹlòmíràn sì tẹ `sync` ní ọjọ́ kejì, rímóòtù náà yóò ṣófo bí ti ilé ti ṣófo.

4. Fífi ìdí rẹ̀ múlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá tẹ `copy` lẹ́ẹ̀kejì tí rclone sì sọ pé kò sí ohun tí ó kù láti gbé, ẹ̀rí ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí `copy` bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fo fáìlì kan, nǹkan méjì péré ni ó máa ń kọ́kọ́ wò: bí fáìlì náà ti tóbi tó, àti ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn. Bí méjèèjì bá bára mu, yóò kọjá lọ láìka ohun tí ó wà nínú fáìlì rárá. Ó dà bí ẹni tí ó ka àwọn ìwé tí ó wà lórí àga láìṣí ọ̀kankan wò.

Ẹ̀rí tòótọ́ wà nínú ohun tí a ń pè ní háàṣì. Háàṣì dà bí ìtẹ̀ka fáìlì. Kọ̀ǹpútà yóò ka gbogbo báìtì inú fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì fi ìṣirò sọ ọ́ di ọ̀wọ́ àmì kúkúrú kan. Èyí tí à ń pè ní MD5 máa ń jẹ́ àmì 32. Bí báìtì kan ṣoṣo bá yí padà nínú mẹ́gábáìtì 317, ọ̀wọ́ àmì náà yóò yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀. Google Drive máa ń tọ́jú MD5 gbogbo fáìlì tí a bá gbé sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, rclone kò nílò láti gbé ohùn náà padà wá sílé kí ó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò béèrè ìtẹ̀ka rẹ̀ lọ́wọ́ Google Drive, yóò ṣe ìṣirò ti ilé fúnra rẹ̀, yóò sì fi wọ́n wé ara wọn.

Lóòótọ́, `copy` fúnra rẹ̀ ń fi háàṣì wé ara wọn bí ó bá ti gbé fáìlì kan tán. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa fáìlì tí ó fò nítorí pé ìwọ̀n àti àkókò bára mu, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí lẹ́yìn ọjọ́ tí ó gbé e. Àṣẹ tí ó ń wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í sì í yí ohunkóhun padà, ni `check`:

```
rclone check D:/Akojo eka:Akojo --combined D:/iroyin.txt
```

`--combined` ń kọ ìròyìn fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú `iroyin.txt`. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi ìròyìn náà sínú `Akojo`. Bí a bá fi í síbẹ̀, òun náà yóò di fáìlì tí kò sí lórí rímóòtù, yóò sì da ìṣirò rú. Ní ti àkókò, bí díìsìkì wa bá ń ka mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ ni kíka gígábáìtì 12.7 yóò gbà. Owó íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò jẹ kò tó nǹkan. Fífi ránṣẹ́ gba wákàtí 14; fífi ìdí múlẹ̀ gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí àwáwí fún ẹni tí ó bá fo ìgbésẹ̀ kejì.

5. Kíka ìròyìn

Ká ní a ṣí `iroyin.txt`, tí a sì rí ìlà 40. Méjìdínlógójì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì kan náà, ṣùgbọ́n méjì yàtọ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ìlà náà rèé:

```
= ijala_001.wav
+ ijala_017.wav
* ijala_023.wav
```

Àmì `=` túmọ̀ sí pé fáìlì ilé àti ti rímóòtù jẹ́ ọ̀kan náà. Àmì `+` túmọ̀ sí pé ó wà nílé ṣùgbọ́n kò sí lórí rímóòtù. Àmì `*` túmọ̀ sí pé ó wà níbi méjèèjì ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ síra. Àmì méjì mìíràn wà tí kò hàn nínú ìròyìn yìí: `-` fún fáìlì tí ó wà lórí rímóòtù tí kò sí nílé, àti `!` fún èyí tí rclone kò lè kà tàbí tí kò lè yẹ̀ wò. Àmì `!` ní ọ̀dọ̀ díìsìkì ilé yẹ kí ó já wa láyà, nítorí pé ó lè jẹ́ àpẹẹrẹ pé díìsìkì náà ti ń kú lọ.

Ọ̀rọ̀ `ijala_017.wav` kò le. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí iná lọ. A ó tún àṣẹ `copy` tẹ̀, òun nìkan ni yóò sì lọ.

Ọ̀rọ̀ `ijala_023.wav` ni ó gba àròjinlẹ̀. Ohun tí `check` sọ ni pé méjì yàtọ̀. Kò sọ èyí tí ó tọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ṣí ti ilé, ó gé ariwo ajá kúrò nínú rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ sí orúkọ kan náà. Ó sì lè jẹ́ pé díìsìkì ti bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí báìtì díẹ̀ yí padà láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Bí a bá sáré fi ti ilé rọ́pò ti rímóòtù, a lè fi èyí tí ó bàjẹ́ pa èyí tí ó yè rẹ́. Ibí ni `--immutable` ti ń gba ni: ó dá rclone dúró títí a ó fi wádìí.

Ohun tí ó ń parí irú àríyànjiyàn yìí ni ẹlẹ́rìí kẹta. Ní ọjọ́ tí a da ohùn sórí díìsìkì gan-an, ó yẹ kí a ti kọ ìtẹ̀ka gbogbo fáìlì sínú ìwé kan:

```
rclone md5sum D:/Akojo --output-file D:/akojo.md5
```

Ìwé yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí a sì fi í sínú fáìlì ẹ̀ka. Nígbà tí iyèméjì bá dé, a ó fi ibi méjèèjì wé e lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
rclone checksum md5 D:/akojo.md5 D:/Akojo
rclone checksum md5 D:/akojo.md5 eka:Akojo
```

Bí ti rímóòtù bá bá ìwé mu tí ti ilé kò sì bá a mu, ti rímóòtù ni ojúlówó. A ó wá gbé e padà wálé:

```
rclone copyto eka:Akojo/ijala_023.wav D:/Akojo/ijala_023.wav --checksum
```

`--checksum` ṣe pàtàkì níhìn-ín. Bí díìsìkì ni ó ba fáìlì ilé jẹ́ lábẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ lè má yí padà. Láìsí `--checksum`, rclone yóò wo ìwọ̀n àti àkókò, yóò ní méjèèjì bára mu, kò sì ní gbé ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ni ó gé ariwo ajá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún iṣẹ́ tirẹ̀ ní orúkọ mìíràn kí ó má baà ṣòfò, kí ojúlówó tó padà sí ààyè rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ni a fi ń yẹ káàdì wò. rclone kò bìkítà bóyá ibi méjèèjì wà nínú ilé. Bí káàdì bá ń jẹ́ `E:`, àṣẹ `rclone check E:/Ohun D:/Akojo --one-way` yóò sọ fún wa bóyá gbogbo ohun tí ó wà lórí káàdì ti dé orí díìsìkì láìyẹ̀. `--one-way` ń jẹ́ kí ó gbójú fo ohun tí ó ti wà lórí díìsìkì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni `check` fi ń so fáìlì pọ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò kí a tó yí orúkọ wọn padà kúrò ní èyí tí ẹ̀rọ fún wọn.

6. Orúkọ fáìlì tí ó ní àmì ohùn

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́tà `ọ̀` tí a rí bí ẹyọ kan lójú kò jẹ́ ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò Yúníkóòdù, a lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí `ọ` tí a fi àmì ìsàlẹ̀ lé lórí. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí `o`, lẹ́yìn náà ìtọ́ka abẹ́, lẹ́yìn náà àmì. A sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí `ò` tí a wá fi ìtọ́ka sí lábẹ́. Ojú wa rí ohun kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí mẹ́ta. Nítorí ìdí èyí, fáìlì kan tí a sọ lórúkọ lórí macOS lè dàbí àjèjì nígbà tí a bá fi wé ti Windows.

Ní ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, rclone ti ṣe ètò: kí ó tó fi orúkọ wé orúkọ, ó máa ń sọ wọ́n di oríṣi kan náà. Ẹni tí kò bá tẹ `--no-unicode-normalization` kò ní ìṣòro níbẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lo ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà dípò ìtọ́ka róbótó. Nínú ìwé Yorùbá, ìkan náà ni wọ́n. Nínú Yúníkóòdù, àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sì sí òfin tí ó sọ ọ̀kan di èkejì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi ìtọ́ka róbótó kọ `Ọ̀ṣun.wav`, tí olùkọ́ rẹ̀ sì fi ìlà abẹ́ kọ orúkọ kan náà, fáìlì méjì ni rclone yóò kà. `check` yóò fi `+` sí ọ̀kan, yóò sì fi `-` sí èkejì. Bí a bá rí `+` àti `-` lórí orúkọ méjì tí ó jọra bí ìbejì, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí nìyí.

Àmọ̀ràn wa ni pé kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà lásán àti nọ́ńbà, bíi `ijala_023.wav`, kí àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, orúkọ apohùn, ìlú àti ọjọ́ wà nínú àkọsílẹ̀ kan tí yóò máa bá àwọn fáìlì náà gbé nínú fódà. Èyí kò tàbùkù èdè wa. Inú àkọsílẹ̀ náà ni kíkọ rẹ̀ dáradára ti wúlò fún ẹni tí yóò kà á.

7. Ohun tí àyẹ̀wò kò lè sọ

Àyẹ̀wò háàṣì ní ààlà tirẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Èkíní, ó ń sọ pé nǹkan méjì bára mu. Kò sọ pé wọ́n dára. Bí káàdì bá ṣe àìsàn tí ó sì fún wa ní fáìlì tí kò ní báìtì kankan nínú, òfìfo ni a ó fi ránṣẹ́, òfìfo ni yóò dé ọ̀hún, `check` yóò sì fi `=` sí i. MD5 fáìlì òfìfo kì í yàtọ̀ níbikíbi ní ayé:

```
d41d8cd98f00b204e9800998ecf8427e
```

Ẹni tí ó bá rí ọ̀wọ́ àmì yìí nínú `akojo.md5` mọ̀ pé kò sí ohùn nínú fáìlì náà. Fún irú àṣìṣe mìíràn, bí ẹ̀rọ tí ó gba ariwo afẹ́fẹ́ nìkan, kò sí àṣẹ tí ó lè rọ́pò etí. Ó yẹ kí a gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ibi ìpamọ́ ni ó ń tọ́jú irú háàṣì kan náà, àwọn mìíràn kò sì ní rárá. Bí ibi méjèèjì kò bá ní èyí tí ó jọ, ìwọ̀n nìkan ni `check` yóò fi wé ara wọn, yóò sì sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé `hashes could not be checked`. Ẹni tí kò bá ka gbólóhùn yẹn lè fi ọkàn balẹ̀ lásán. Ohun tí ó kù láti ṣe nígbà náà ni kí a fi `--download` kún un, kí rclone lè gbé gbogbo báìtì padà wá kí ó sì kà á. Nínú àpẹẹrẹ wa, gígábáìtì 12.7 ti dátà mìíràn ni èyí yóò jẹ, nítorí náà ó dára kí a wádìí kí a tó yan ibi ìpamọ́. Bákan náà, ẹni tí ó bá fi `crypt` bo fáìlì rẹ̀ ní àṣírí kò ní lo `check` lásán. `cryptcheck` ni a ṣe fún un.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé iṣẹ́ méjì ni ó wà láàárín díìsìkì àti rímóòtù, pé `copy` ń ṣe ti àkọ́kọ́, `check` sì ń ṣe ti èkejì. A ti rí i pẹ̀lú pé ìwọ̀n àti àkókò kò tó ẹ̀rí, pé háàṣì ni ẹ̀rí, àti pé ìwé MD5 tí a kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń sọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó nígbà tí méjì bá yàtọ̀.

Ní báyìí, a lè dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ kí a nu káàdì nígbà tí ohun mẹ́ta bá ti wà nílẹ̀: tí `check` láàárín káàdì àti díìsìkì kò rí ìyàtọ̀ kankan, tí ìròyìn `check` láàárín díìsìkì àti rímóòtù jẹ́ `=` láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, tí ẹnìkan sì ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kù, kí káàdì ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Owó káàdì mìíràn kò tó iye ìjálá tí kò sí ẹni tí ó lè tún un sun mọ́.